Họ́ọ̀sì onírin abẹ́ bẹ́síìnì: àṣìṣe tá a máa ń ṣe kó tó bẹ́

Họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán lábẹ́ bẹ́síìnì àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì tọ́ílẹ̀ẹ̀tì yẹn, ọ̀pọ̀ wa rò pé irin ni. Kì í ṣe irin o. Rọ́bà ni inú ẹ̀, wáyà tí wọ́n hun yí i ká ló ń dì í mú kí omi má baà wú u. Tí wáyà yẹn bá ti jẹrà, rọ́bà nìkan ò lè gbé e, yóò bẹ́ ni.

Èyí tó dùn mí jù ni ká máa kó bílíìṣì àti ásíìdì tá a fi ń fọ tọ́ílẹ̀ẹ̀tì sábẹ́ bẹ́síìnì, torí èmi náà ṣe é. Èéfín tó ń yọ́ jáde nínú ike wọn ló ń jẹ wáyà náà díẹ̀díẹ̀, wáyà sítéènlẹ́ẹ̀sì pàápàá ò lè yè é. Nílé wa n'Íbàdàn, mo rí àmì dúdú pupa kékeré kan nítòsí nọ́ọ̀tì họ́ọ̀sì náà, mo fi àkísà nù ún, mo lọ. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ló bẹ́ lóru, bó sì ṣe jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń fa omi sí táńkì wa ń tan ara ẹ̀ tí omi táńkì bá ti lọ sílẹ̀, ṣe ló ń fa omi wá títí ilẹ̀ fi mọ́, àjà àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ wa já lulẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá rí ìpẹtà, wáyà tó ti já tó ń gún yín lọ́wọ́, ibi tó wú tàbí tó ká kọ́rọ́, tàbí nǹkan bí ẹfun tó funfun tàbí tó ní àwọ̀ ewé lẹ́nu nọ́ọ̀tì, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ má fi tépù wé e, ẹ má sì dúró de kó máa kán, ó lè má kán rárá kó tó bẹ́. Bí kò bá tiẹ̀ ṣe nǹkan kan, mo máa ń pààrọ̀ tèmi lọ́dún márùn-ún márùn-ún, mi ò sì ní jẹ́ kó pé ọdún 10 láé. Mo máa ń kọ ọdún tí mo fi sí i sára tépù, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀, ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà kí nọ́ọ̀tì àti gígùn ẹ̀ lè bára mu. Ẹ ti fáàfù, ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ bẹ́síìnì kí omi tó kù nínú ẹ̀ dà tán, ẹ gbé báàkẹ́ẹ̀tì sábẹ́ họ́ọ̀sì kẹ́ ẹ tó tú ti àtijọ́. Wọ́ṣà rọ́bà ló ń dí omi, torí náà ẹ má fi tépù Tẹ́fúlọ́ọ̀nù wé ibi tí wọ́ṣà bá wà. Ẹ fọwọ́ lọ́ nọ́ọ̀tì tuntun náà títí kò fi lọ mọ́, ẹ wá fi sípánà lọ́ ọ síwájú díẹ̀, kó má ju ìdajì yíyí kan lọ, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ kejì di họ́ọ̀sì mú kó má baà lọ́. Ọ̀pọ̀ púlọ́mbà máa ń fa sípánà títí wọ́ṣà á fi ya, tí nọ́ọ̀tì oníke á fi sán, sísán yẹn ò sì ní hàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ ṣí fáàfù díẹ̀díẹ̀, ẹ fi tíṣù gbígbẹ nu ẹnu nọ́ọ̀tì méjèèjì. Ẹ tún nù ún lọ́jọ́ kejì.