Oṣù méjìlá tí mo fi kọ́ iṣẹ́ sọ́fútíwíà láì fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀

Wákàtí mẹ́wàá lọ́sẹ̀ ni mo fi sí i. Aago márùn-ún ìdájí sí mẹ́fà ààbọ̀, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ti jẹ́ wákàtí méje ààbọ̀. Sátidé ló gba ìyókù. Alẹ́ kò ṣe é gbára lé: ẹni tó ti ọ́fíìsì dé sílé ní Òkè-Fìà nírọ̀lẹ́ lè kàwé o, àmọ́ ọpọlọ rẹ̀ kò ní lè tú àṣìṣe kóòdù.

Oṣù méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti HTML àti CSS, tí a fi ń to ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù. Oṣù 3 sí 6 jẹ́ ti JavaScript nìkan, èdè tó ń mú ojú ìwé náà ṣiṣẹ́. Fídíò ló máa ń tan èèyàn jẹ níbí, torí ohun tí olùkọ́ ń kọ máa ń yéni bí a bá ṣe ń wò ó. Nítorí náà, lọ́jọ́ kejì, mo máa ń ṣí fáìlì òfìfo, màá tún un kọ láì wo fídíò náà. Ibi tí mo bá dúró sí ni n kò tíì mọ̀.

Oṣù 7 sí 9, ètò kan ṣoṣo ni mo kọ: èyí tó ń pín èrè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ètò náà ń sọ pé ìṣirò kò bára mu, bẹ́ẹ̀ sì ni ó bára mu. Ẹ tẹ èyí sínú kọ́ńsóòlù búráúsà, níbi tí JavaScript ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ó rí ìdí rẹ̀:

```js
0.1 + 0.2
// 0.30000000000000004
```

Òǹkà olóókan àti òdo ni kọ̀ǹpútà ń lò. 0.1 kò lè parí nínú rẹ̀, bí 1 tí a pín sí mẹ́ta kò ṣe lè parí nínú òǹkà tiwa. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a fi kọ́bọ̀ tọ́jú owó, láì sí ìdá kankan. Bí ẹni mẹ́ta bá fẹ́ pín ₦1,000, ìyẹn 100,000 kọ́bọ̀:

```js
Math.floor(100000 / 3) // 33333
100000 % 3             // 1
```

Kọ́bọ̀ kan tó ṣẹ́ kù ń kọ́? Ẹgbẹ́ ni yóò pinnu ẹni tó ni í, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Mo fún ẹni àkọ́kọ́ lórí ìwé, mo sì kọ òfin náà sínú README, fáìlì tó ń ṣàlàyé ètò náà. Irú ìpinnu báyìí ni agbanisíṣẹ́ máa ń béèrè nípa rẹ̀.

Git, tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà tí mo ṣe sí kóòdù, kò nílò dátà lójoojúmọ́. `git commit`, tó ń fi àyípadà pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà, ń ṣiṣẹ́ láì sí íńtánẹ́ẹ̀tì. `git push`, tó ń fi wọ́n ránṣẹ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló nílò rẹ̀, Sátidé ni mo sì ń ṣe é.

Oṣù 10 sí 12 ni mo fi wáṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kò kan ọ̀rọ̀ yìí rárá, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọ́fíìsì ló ni kóòdù náà. Ẹ ka lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ yín dáadáa: tèmi ní kí n fún wọn ní ìfitónilétí oṣù kan kí n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìgbà tí ìwé àdéhùn tuntun, tí owó oṣù àti ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ti wà lọ́wọ́ mi ni mo tó kọ ìfitónilétí náà.