Tí ẹni tó ń kó epo wá fún yín bá fowó lé kẹ́ẹ̀gì

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń ta epo pupa, tí ẹni tó ń kó o wá fún yín bá fowó lé e, ẹ má kàn sọ pé "ó ti wọ́n jù" kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Ẹ dá iye tẹ́ ẹ lè san, iye kẹ́ẹ̀gì tẹ́ ẹ máa kó, àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà pè é. Ká ní kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tẹ́ ẹ ń rà ní ₦35,000 ti di ₦40,000, ẹ lè sọ pé: "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjà mi ò gbé ₦40,000 báyìí. Tó bá bọ́ sí ₦36,500, mẹ́wàá ni mo máa kó, owó lọ́wọ́. Màá pè yín lọ́jọ́ Ẹtì." Ẹni tó ní epo nílẹ̀ á mọ̀ pé owó wà níbì kan tó ń dúró dè é, kò sì ní kà á sí ìbínú. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, ẹ san gbèsè tó bá kù, kẹ́ ẹ dá òfìfo kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ padà. Kẹ́ẹ̀gì tí wọn ò dá padà máa ń dájà sílẹ̀ ju owó epo gan-an lọ. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè iye lọ́wọ́ ẹni méjì mìíràn tó ń kó epo wá. Tí gbogbo wọn bá ń sọ nǹkan kan náà, bíi ìgbà tí àsìkò epo, nǹkan bí oṣù Kejì sí Karùn-ún, bá ti kọjá, kò ní sọ̀kalẹ̀ fún yín. Nígbà náà, ẹ gba kẹ́ẹ̀gì méjì péré ní iye tuntun, kó má di pé ẹ pòórá títí epo á fi pọ̀ padà.