Bí mo ṣe kọ̀wé béèrè ìdí tí pèsílíìpù mi àkọ́kọ́ kò fi bá lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ mu

Lẹ́tà tí ilé-iṣẹ́ kan ní Ṣágámù fi gbà mí síṣẹ́ sọ pé 180,000 náírà ni owó oṣù mi kí wọ́n tó yọ ohunkóhun. Nígbà tí pèsílíìpù àkọ́kọ́ dé, 120,000 ni mo bá lókè, èyí tó sì wọ báǹkì tún kéré sí i. Inú bí mi, ó ń ṣe mí bíi kí n kọ̀wé sí wọn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó ti pẹ́ nídìí ìṣirò owó òṣìṣẹ́ ní Ìkẹ́nnẹ́ ló dá mi dúró. Ó ní, "Kọ́kọ́ ya èyí tó tọ́ kí wọ́n yọ sọ́tọ̀. Bí o bá da gbogbo ẹ̀ pọ̀ bi wọ́n, èyí tó rọrùn nìkan ni wọ́n máa dá ọ lóhùn."

A jókòó tì í. Ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ni mo wọṣẹ́, ogún ọjọ́ péré ló sì kàn mí nínú ọgbọ̀n. Bí a bá pín 180,000 sí ọ̀nà 30, ọjọ́ kan jẹ́ 6,000, ogún ọjọ́ sì jẹ́ 120,000. Kò sí ìjà níbẹ̀. (Àwọn ilé-iṣẹ́ kan kì í ka Sátidé àti Sọ́ńdè, nítorí náà ẹ wo irú èyí tí tiyín ń kà kí ẹ tó ṣírò.) Owó orí, èyí tí wọ́n kọ PAYE sí, mo fi sílẹ̀ ná. Owó tí èèyàn máa gbà lọ́dún ni wọ́n ń wò láti ṣírò rẹ̀, oṣù àkọ́kọ́ tí kò pé kò sì tó láti fi dá ẹjọ́ rẹ̀.

Ibi tí wọ́n kọ Pension sí ni ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n yọ 19,440 náírà. Nínú lẹ́tà mi, 90,000 ni owó iṣẹ́ gan-an, 45,000 ni ti ilé, 27,000 ni ti ọkọ̀, ìyókù 18,000 sì wà fún nǹkan mìíràn. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì: 162,000 fún odindi oṣù, 108,000 fún ogún ọjọ́ mi. Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ san ó kéré tán ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, kí agbanisíṣẹ́ san ó kéré tán ìdá 10. Ìdá 8 nínú 108,000 jẹ́ 8,640. Nígbà tí mo yọ ìyẹn kúrò nínú 19,440, ó ku 10,800, ìdá 10 géérégé! Ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n san tèmi, kí n tún bá ọ̀gá san tirẹ̀.

Mo tún lẹ́tà náà kà dáadáa, torí àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó tí àwọn dárúkọ ti ní ìpín tiwọn nínú. Tèmi sọ ní kedere pé ìpín ilé-iṣẹ́ jẹ́ àfikún lórí owó oṣù. Nígbà tí àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì mi sì fi iye tó wọlé ránṣẹ́, 19,440 náà ló jẹ́. Bí ilé-iṣẹ́ bá ti fi kọ́bọ̀ tirẹ̀ kún un, ì bá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà náà ni mo wá kọ ímeèlì sí ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo ti wo pèsílíìpù oṣù kẹfà mi, 120,000 tó wà lókè sì yé mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ là yé mi. Wọ́n yọ 19,440 fún ìfẹ̀yìntì. Ìdá 8 nínú 108,000 jẹ́ 8,640, 10,800 tó kù sì dọ́gba pẹ̀lú ìdá 10 tí ìpínrọ̀ kẹrin lẹ́tà mi sọ pé ilé-iṣẹ́ máa san lọ́tọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìpín ilé-iṣẹ́ ni wọ́n yọ lára mi? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, oṣù wo ni yóò padà? Mo so lẹ́tà, pèsílíìpù àti àkọsílẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì mi mọ́ ọn."

Mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè níbẹ̀, mi ò sì mẹ́nu kan ẹjọ́. Èèyàn tó ka ímeèlì yẹn kì í ṣe ẹni tó ṣírò owó náà. Ohun tí yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn akáńtì láìní tún un kọ ló nílò, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ iye náà sínú ọ̀rọ̀ gan-an.

Màdáámù fèsì pé ibi tí wọ́n ti kọ orúkọ mi sínú ìwé owó oṣù ni wọ́n ti fi ìpín méjèèjì sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́, àti pé owó mi ń bọ̀. Mo dúpẹ́, mo sì bẹ̀ wọ́n kí 10,800 náà dá dúró lórí ìlà tirẹ̀ nínú pèsílíìpù tó ń bọ̀, kí ó má bàa pò mọ́ owó oṣù. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí ní oṣù keje: 10,800 lórí ìlà tirẹ̀, 12,960 níbi tí wọ́n kọ Pension sí, ìyẹn ìdá 8 nínú 162,000.