Ìgbà tí mo kọ̀wé sí olùkọ́ mi lẹ́ẹ̀kejì

Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ni gbèdéke fọ́ọ̀mù másítà tí mo ń kọ. Lẹ́tà ìjẹ́rìí kan ló kù, ọwọ́ olùkọ́ tó bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì ló sì wà. Mo kọ̀wé bẹ̀ wọ́n lórí Wásáàpù ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án. Alẹ́ ọjọ́ náà ni àmì méjèèjì di búlúù. Wọ́n ti kà á, wọn ò sì fèsì.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọwọ́ ti ń yún mi. Mo ti tẹ "Ẹ káàárọ̀ sà, ṣé ẹ rí àtẹ̀jíṣẹ́ mi?" kí n tó pa á rẹ́. Mo mọ̀ pé wọ́n rí i, àwọn náà sì mọ̀ pé mo mọ̀. Ẹ̀sùn ni mo fẹ́ fi aṣọ ìbéèrè wọ̀. Kí ni àgbàlagbà fẹ́ fi dáhùn irú rẹ̀? (Ká ní eérú ni àmì náà ṣì jẹ́, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: àwọn kan ti pa búlúù yẹn, àwọn mìíràn ń kà á lójú fóònù láì ṣí i.)

Ni mo bá ka ọjọ́ láti ẹ̀yìn wá. Bí wọn ò bá ní lè kọ ọ́, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo nílò láti fi bẹ ẹlòmíràn, kí onítọ̀hún náà sì ráyè. Ìyẹn já sí ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá. Mo tún yọ ọ̀sẹ̀ kan ó lé díẹ̀ kúrò kí àwọn náà lè ráyè rò ó. Ọjọ́ 22 ni mo wá kọ èyí:

"Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ kú iṣẹ́ ìdánwò. Lórí lẹ́tà ìjẹ́rìí yẹn, mo ti kọ kókó mẹ́rin nípa iṣẹ́ àṣekágbá mi sísàlẹ̀ yìí kí ó lè rọ̀ yín lọ́rùn. Bí kò bá ní ṣeé ṣe, kò sí wàhálà rárá sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ kí ọjọ́ 30 tó pé, kí n lè bẹ olùkọ́ mìíràn."

Ọ̀rẹ́ mi ní mo ti ṣí ilẹ̀kùn fún wọn láti sá. Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣí i ni. "Rárá" tó tètè dé sàn fún mi ju "bẹ́ẹ̀ ni" ti ọjọ́ 14 lọ.

Àmì tún di búlúù. Ọjọ́ 24, mo rí wọn nínú gúrúùpù àwa tí a ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, wọ́n ń kí ẹnìkan kú ọjọ́ ìbí. Inú bí mi o! Ó kù díẹ̀ kí n dárúkọ wọn níbẹ̀, tàbí kí n pe akọ̀wé ẹ̀ka wọn. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti rí i pé mo ti fẹ́ kọjá ààlà: ojú ayé ni mo fẹ́ fi mú wọn. Mo ti pinnu pé bí ọjọ́ 30 bá kọjá, n ò ní rán wọn létí mọ́, ọ̀dọ̀ olùkọ́ kejì ni n ó gbà lọ.

Ọjọ́ 26 ni wọ́n fèsì: "Fi líǹkì tí n ó fi lẹ́tà náà sí ránṣẹ́. N ò rántí iṣẹ́ rẹ dáadáa ni, mi ò mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀."