Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Tí Kì í Jẹ́ Kí Àròkọ Ní Ohùn Ẹni Tó Kọ ọ́

Ẹ mú àròkọ mẹ́ta tí ẹnì kan kọ, ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lórí wọn, kí ẹ sì fún ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa kà. Tí onítọ̀hún bá rò pé èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kọ wọ́n, ohùn ò tíì sí níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ àròkọ Yorùbá ń wá ohùn yìí síbi tí kò sí: wọ́n ń wá a sínú òwe, sínú ọ̀rọ̀ ńláńlá, sínú ìbẹ̀rẹ̀ tó ń dún bí agogo. Inú àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tójú máa ń fò ló wà: ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló ń bá sọ̀rọ̀, ṣé "mi ò" ló ń lò ni àbí "n kò".

Ẹ má fi òwe ṣílẹ̀kùn gbogbo àròkọ

Ilé ìwé ló kọ́ wa ní èyí. "Yorùbá bọ̀, wọ́n ní" á ṣáájú, òwe á tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ á wá bẹ̀rẹ̀. Òwe dára, àmọ́ ti gbogbo wa ni, kò sì lè fi yín hàn yàtọ̀ sí ẹlòmíràn. Ẹ gbé ọwọ́ lé gbólóhùn àkọ́kọ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà láti orí ìkejì. Tí nǹkan kan ò bá sọnù, ẹ pa á rẹ́. Tí òwe náà bá ṣì ń wu yín, ẹ fi síbi tí ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni òwe ti máa ń mú.

Ẹ má pààrọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láàárín ọ̀nà

Lójú tèmi, àṣìṣe yìí ló ń ba àròkọ jẹ́ jù, òun náà sì ni ẹni tó ń kọ ọ́ kì í rí. Ẹ wo ìpínrọ̀ yìí, tí mo kọ fún àpẹẹrẹ:

"Gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀, ariwo jẹnẹrétọ̀ ń da ìgboro láàmú. Mo rò pé ó yẹ kí èèyàn máa pa tirẹ̀ tí aago mẹ́wàá alẹ́ bá ti lù. Tí o bá fi í sílẹ̀ di òru, àwọn aládùúgbò rẹ ò ní lè sùn. Ẹ jẹ́ kí á ronú sí i."

Gbólóhùn mẹ́rin péré ni, àmọ́ "a" wà níbẹ̀, "mo" wà níbẹ̀, "èèyàn" náà wà, "o" dé, "ẹ" tún parí rẹ̀. Ta ló ń sọ̀rọ̀? Olùkọ́ ló bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan tó ní èrò tirẹ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rẹ́ tó ń báni wí tẹ̀ lé e, oníwàásù ló kádìí ẹ̀. Ohun tó máa ń fà á ni ìbẹ̀rù: "mo" ń mú kéèyàn dúró fún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, nítorí náà òǹkọ̀wé á sá lọ sẹ́yìn "a" àti "èèyàn". Ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ pẹ̀lú ẹnì kan ṣoṣo:

"Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi máa ń ké di aago kan òru. Mi ò bínú sí i, nítorí mo mọ ohun tó ń fi í ṣe: ẹja dídì ló ń tà, tí yìnyín bá sì yọ́, owó ti lọ. Àmọ́ mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀ jókòó, kí a fẹnu kò sí aago tó máa máa pa á."

"A" ṣì wà nínú rẹ̀, àmọ́ a mọ àwọn tó ń tọ́ka sí: òǹkọ̀wé àti ẹlẹ́ja ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni èrò náà le sí i, nítorí nígbà tí "mo" dé, ó di dandan kí òǹkọ̀wé sọ ohun tó mọ̀ gan-an. Ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo arọ́pò orúkọ tó wà nínú ojú ewé kan. Tí ẹ ò bá lè sọ ẹni tí "a" kọ̀ọ̀kan jẹ́, ẹ tún un kọ. Ẹ tún mú ọ̀kan nínú "o" àti "ẹ" fún ẹni tó ń kà, kí ẹ sì dúró tì í, nítorí òǹkàwé tí ẹ bọ̀wọ̀ fún lókè tí ẹ wá ń pè ní "o" nísàlẹ̀ máa gbọ́ ìyàtọ̀ náà.

Ẹ má wọ agbádá lójú agbo kí ẹ bọ́ ọ láàárín

"Mi ò mọ ẹni tó kó o" àti "N kò mọ ẹni tí ó kó o", Yorùbá tó péye ni méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni "àmọ́" àti "ṣùgbọ́n", "mo máa lọ" àti "èmi yóò lọ". Pípò wọ́n pọ̀ láìmọ̀ ni wàhálà. Bó ṣe sábà máa ń rí ni pé "tí ó" àti "yóò" á kún ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ nítorí ẹ̀rù, ara á tù láàárín níbi tí òǹkọ̀wé ti mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, "tó" àti "máa" á dé, ọ̀rọ̀ á wá tún le nígbà tó bá ń parí lọ. Àárín yẹn ni kí ẹ wò, nítorí ibẹ̀ lẹ ti gbàgbé pé àròkọ lẹ̀ ń kọ. Ẹ kọ́kọ́ ka iye "tó" àti "tí ó" tó wà níbẹ̀, kí ẹ wá fi èyí tó borí tún òkè àti ìsàlẹ̀ ṣe.

Ẹ má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ẹlòmíràn o. Tí bàbá kan bá sọ pé "n ó padà wá", ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ti àkọtọ́ yàtọ̀ sí èyí. Àwọn tó fi Bíbélì àti ìwé orin àtijọ́ kọ́ ìwé kíkà ṣì máa ń kọ "aiye" àti "enia" lójú kan, "ayé" àti "ènìyàn" lójú kejì. Ẹ tẹ̀ lé àkọtọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1974, kí ẹ má pe àkọtọ́ ní ohùn.

Ẹ má sín Fágúnwà jẹ

Láti ọdún 1938 tí ìwé àkọ́kọ́ D. O. Fágúnwà ti jáde ni ọ̀pọ̀ ti ń to àpèjúwe léra wọn bíi tirẹ̀. Inú igbó àwọn iwin ni àpèjúwe yẹn ti ń ṣiṣẹ́, nítorí òǹkàwé ò tíì rí ohun tó ń júwe rí. Tí ẹ bá to ọ̀rọ̀ méje léra láti júwe kòtò ojú títì tí gbogbo wa ń gbà kọjá, òǹkàwé á mọ ẹni tí ẹ ń sín jẹ kó tó mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ohun tí ẹ lè kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni bó ṣe ń mí: ẹ ka ojú ewé kan sókè, ẹ gbọ́ ibi tí gbólóhùn gígùn ti ń sinmi, ẹ pa ìwé náà dé, kí ẹ kọ ti yín lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ má gba gbogbo àtúnṣe olóòtú láìwò ó

Olóòtú kan lè yí "tó" padà sí "tí ó" ní ìdajì àròkọ kó sì gbàgbé ìyókù. Ẹ kọ àṣàyàn yín sórí ìwé pélébé: ẹni tó ń sọ̀rọ̀, bí ẹ ṣe ń pe òǹkàwé, "mi ò" tàbí "n kò", "àmọ́" tàbí "ṣùgbọ́n". Ẹ fi ránṣẹ́ mọ́ àròkọ náà. Nígbà tó bá padà dé, ìwé yẹn ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ gba àtúnṣe tó jẹ́ ti àmì ohùn àti àṣìkọ, kí ẹ sì bá olóòtú jíròrò lórí ìyókù kó tó jáde.