Bí A Ṣe Ń Ṣírò Owó Wákàtí Ẹ̀rọ àti Owó Wákàtí Òṣìṣẹ́, àti Èyí Tó Yẹ Ibi Tí Ẹ̀rọ Ti Ń Ṣe Púpọ̀ Iṣẹ́

Ẹ jẹ́ ká fi ilé ìlọrẹsì kan ní Ìgbẹ́mọ-Èkìtì ṣe àpẹẹrẹ. Owó iṣẹ́ àwọn tó ń da ìrẹsì sẹ́nu ẹ̀rọ rọrùn láti mọ̀, torí a mọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ àti wákàtí tó fi ṣe é. Àmọ́ dísù jẹnẹrétọ̀, owó ilé, owó ọ̀gá tó ń mójú tó iṣẹ́, àtúnṣe ẹ̀rọ àti iye tí ẹ̀rọ ń gbó lọ́dún, kò sí àpò ìrẹsì kan tó lè sọ pé tòun ni. Ìnáwó àpapọ̀ ni ká pe ìwọ̀nyí. Gbogbo iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ pín in san, wákàtí la sì máa fi ń pín in: yálà wákàtí tí ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́, tàbí wákàtí tí èèyàn fi ṣiṣẹ́. Àwọn iye tí mo máa lò kàn jẹ́ àpẹẹrẹ ni. Ẹ fi ti yín rọ́pò wọn.

Ohun àkọ́kọ́ ni láti ya ẹ̀ka iṣẹ́ sọ́tọ̀. Ilé yìí ní ẹ̀ka ìlọ̀, níbi tí ẹ̀rọ ti ń bó ìrẹsì, tó ń dán an, tó sì ń yọ òkúta inú rẹ̀. Ó tún ní ẹ̀ka ìdìpọ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n, tí wọ́n sì ń rán ẹnu àpò. Ẹ má fi iye kan ṣoṣo ká ẹ̀ka méjèèjì. Bí a bá pín owó ilé, ẹ fi bí ilẹ̀ tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gbà ṣe tó pín in. Bó bá jẹ́ owó ọ̀gá, iye òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá iye wákàtí tí ẹ̀rọ máa fi ṣiṣẹ́ ní tòótọ́ lọ́dún. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe. Bí ilé iṣẹ́ bá ń ṣí fún ọjọ́ 300 lọ́dún, wákàtí 8 lójúmọ́, wákàtí 2,400 nìyẹn. Àmọ́ ẹ̀rọ kò lè fi gbogbo rẹ̀ lọ ìrẹsì: a máa fọ̀ ọ́, a máa pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀, a sì máa dúró de ẹni tó máa tún un ṣe. Ẹ yọ wákàtí 400 kúrò, ó ku 2,000. Ìyẹn la máa fi pín owó. Ẹni tó bá fi 2,400 pín in yóò gba owó tó kéré lórí gbogbo iṣẹ́, kò sì ní mọ̀ títí ọdún á fi parí.

Ó wá kan owó. Ká ní ẹ̀rọ náà jẹ́ ₦20,000,000, a retí pé yóò lo ọdún 10, a ó sì lè tà á ní ₦2,000,000 nígbà tó bá gbó. Bí a bá yọ ₦2,000,000 yẹn kúrò, tí a sì pín ìyókù sí ọdún 10, ogbó rẹ̀ lọ́dún jẹ́ ₦1,800,000, èyí tó ń fún wa ní ₦900 fún wákàtí kan. Owó ilé, owó ọ̀gá àti adójútòfò lápapọ̀ jẹ́ ₦2,000,000 lọ́dún, ìyẹn ₦1,000 fún wákàtí. Àtúnṣe jẹ́ ₦1,000,000, ₦500 fún wákàtí. Jẹnẹrétọ̀ ń jẹ dísù lítà 5 ní wákàtí kan, ₦1,200 ni lítà kan, ₦6,000 nìyẹn. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, owó wákàtí ẹ̀rọ jẹ́ ₦8,400. Bí a bá fi wákàtí 2,000 sọ ọ́ di púpọ̀, ó fún wa ní ₦16,800,000 lọ́dún.

Mi ò fi owó iṣẹ́ àwọn tó dúró ti ẹ̀rọ sí i. Àwọn kan máa ń fi sí i, kò sì burú, bí wọn kò bá tún ti gba owó náà lẹ́ẹ̀kejì lọ́nà mìíràn.

Owó wákàtí òṣìṣẹ́ kò le rárá: ẹ pín ìnáwó àpapọ̀ kan náà sí iye wákàtí tí òṣìṣẹ́ fi ṣiṣẹ́. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló wà ní ẹ̀ka ìlọ̀, wákàtí wọn lọ́dún jẹ́ 6,000, nítorí náà ₦16,800,000 tí a pín sí 6,000 jẹ́ ₦2,800 fún wákàtí kan.

Èwo ni ká wá lò? Ẹ wo iṣẹ́ méjì. Oníṣòwò kan gbé ìrẹsì púpọ̀ wá lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní kí wọ́n dán an dáadáa. Ẹ̀rọ lo wákàtí 10, òṣìṣẹ́ lo 14 péré, nítorí wọ́n kàn ń ṣọ́ ọ ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ìyá oko kó àpò kéékèèké wá, olúkúlùkù fẹ́ kí wọ́n lọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú òun. Ẹ̀rọ lo wákàtí 4, àmọ́ òṣìṣẹ́ lo 28.

Bí a bá lo owó wákàtí ẹ̀rọ, oníṣòwò máa san ₦84,000, àwọn ìyá ₦33,600. Bí a bá lo owó wákàtí òṣìṣẹ́, oníṣòwò máa san ₦39,200, àwọn ìyá ₦78,400. Àròpọ̀ méjèèjì jẹ́ ₦117,600, kò yí padà. Ẹni tó ń ru ẹrù ló yí padà. Oníṣòwò ló sì jẹ dísù, òun ló mú kí ẹ̀rọ gbó. Owó tó bá jẹ mọ́ àkókò tí àwọn ìyá fi gba ọwọ́ òṣìṣẹ́, owó iṣẹ́ ni, ó sì ti wà lórí iṣẹ́ wọn lọ́tọ̀.

Nítorí náà, owó wákàtí ẹ̀rọ ló yẹ ẹ̀ka ìlọ̀. Ìbéèrè kan ló ń yanjú rẹ̀: bí iṣẹ́ bá gba wákàtí ẹ̀rọ kan sí i, ṣé owó á jáde? Bẹ́ẹ̀ ni, dísù á jáde. Bí òṣìṣẹ́ bá wá lo wákàtí kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ti kú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìnáwó àpapọ̀ kankan tó kún. Ní ẹ̀ka ìdìpọ̀, tí kò ní ju òṣùwọ̀n àti abẹ́rẹ́ lọ, owó wákàtí òṣìṣẹ́ ṣì ni ká lò.

Ẹ tún wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá ra ohun èlò tó ń fa ìrẹsì sókè fúnra rẹ̀, tí òṣìṣẹ́ kan sì lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Wákàtí òṣìṣẹ́ dín kù sí 4,000. Kódà ká gbàgbé iye tí ẹ fi ra ohun èlò náà, owó wákàtí òṣìṣẹ́ ti fò láti ₦2,800 sí ₦4,200. Bí iye náà bá ń fò sókè bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, ó ti hàn pé òdiwọ̀n yẹn kò bá ẹ̀ka náà mu mọ́.

Owó wákàtí ẹ̀rọ ní tirẹ̀ náà ń béèrè nǹkan: ìwé tí a ń kọ wákàtí sí. Ẹ kọ iye tó wà lójú mítà wákàtí jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó parí. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ fi wákàtí tí ẹ kọ sílẹ̀ sọ ₦8,400 di púpọ̀, kí ẹ fi wé owó tó jáde lọ́wọ́ yín gan-an. Ká ní ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún wákàtí 1,600 péré lọ́dún. Owó tí iṣẹ́ ru jẹ́ ₦13,440,000. Èyí tó jáde jẹ́ ₦14,400,000, torí pé dísù dín kù, ṣùgbọ́n ogbó, owó ilé, owó ọ̀gá àti àtúnṣe kò dín. ₦960,000 kò rí ẹni san án. Ẹ má sáré gbé owó wákàtí ẹ̀rọ sókè láti fi dí i: oníbàárà á gbé ìrẹsì rẹ̀ lọ síbòmíràn, wákàtí á tún dín, àlàfo náà á sì tún fẹ̀ sí i. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó gba wákàtí 400 tó dín nínú 2,000 náà lọ.