Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń bẹ̀rẹ̀ ilé nínú Revit: ipele, ògiri, ilẹ̀ àti ẹbí

Ẹni tó ti ń fi AutoCAD ya ilé kó tó bọ́ sí Revit sábà máa ń ṣí fáìlì tuntun, kó tẹ Wall, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ògiri lójú ẹsẹ̀. Lójú rẹ̀, ilé ti ń jáde. Ṣùgbọ́n ògiri inú Revit ní ẹsẹ̀, ó sì ní orí. Ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ àti ibi tí orí rẹ̀ kàn. Bí ẹ kò bá sọ ọ́ fún un, iye tó bá nínú fáìlì ni yóò lò, ẹ kò sì ní mọ̀ títí ẹ ó fi gé ilé náà wò.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣe àpẹẹrẹ, ìsàlẹ̀ àti òkè kan, tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù oní-íǹṣì mẹ́sàn-án kọ́. Mílímítà ni gbogbo ìwọ̀n tó wà níhìn-ín. Búlọ́ọ̀kù náà ga ní 225, símẹ́ǹtì àárín rẹ̀ jẹ́ 25, nítorí náà kóòsì kan gba 250. Kóòsì 12 jẹ́ 3000. Dẹ́kìn tó máa jókòó lé e nípọn ní 150. Láti orí kọnkéré ìsàlẹ̀ dé orí dẹ́kìn, 3150 ni.

Ẹ má fa ògiri kankan kí ipele tó dúró

Fáìlì tuntun tó ń lo mílímítà máa ń wá pẹ̀lú ipele méjì: Level 1 ní 0 àti Level 2 ní 4000. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi 4000 náà sílẹ̀ pẹ̀lú èrò pé àwọn á tún un ṣe tó bá yá. Ẹ tún un ṣe báyìí. A kì í rí ipele nínú àwòrán tí a ń wò láti òkè, nítorí náà ẹ lọ sí Elevations nínú Project Browser, kí ẹ ṣí South. Ẹ tẹ 4000 lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ kọ 3150. Ẹ fa ipele kẹta sí 6150 fún ibi tí ògiri òkè parí sí, torí pé kóòsì 12 náà ni òkè ní. Ẹ sọ wọ́n ní orúkọ: Ìsàlẹ̀, Òkè, Orí Ògiri. Bí Revit bá béèrè bóyá kó yí orúkọ àwọn àwòrán tó bá wọn tan padà, ẹ dáhùn Yes.

Nínú orúkọ yẹn, ó dára kí ẹ fi hàn bóyá orí kọnkéré ni ipele náà tàbí orí táìsì. Orí kọnkéré ni a mú níhìn-ín. Ẹni tó bá mú ọ̀kan fún ìsàlẹ̀, tó tún mú èkejì fún òkè, máa pàdánù 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi àtẹ̀gùn, kò sì ní mọ ibi tó wọlé sí.

Àṣìṣe kan wà tó máa ń da àwọn tuntun láàmú: wọ́n á fi Copy ṣe ẹ̀dà ipele, wọ́n á wá wá àwòrán rẹ̀ nínú Project Browser, wọn ò ní rí i. Ipele tí a fi Copy ṣe kì í bí àwòrán. Àwọ̀ orí rẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n: orí ipele tó ní àwòrán máa ń jẹ́ búlúù, ti èyí tí kò ní máa ń jẹ́ dúdú. Ẹ lọ sí View, lẹ́yìn náà Plan Views, lẹ́yìn náà Floor Plan, kí ẹ yan án níbẹ̀.

Ẹ má sì ṣe sọ gbogbo gíga di ipele. Ìsàlẹ̀ fèrèsé kò nílò ipele. Sill Height ni ti fèrèsé. Ipele tí kò yẹ kó wà léwu nítorí pé ẹnì kan lè gbé nǹkan lé e láìmọ̀, ọjọ́ tí ẹ bá pa á rẹ́, ohun tó wà lórí rẹ̀ á bá a lọ. Revit máa ń kìlọ̀ kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ìkìlọ̀ náà dáadáa kí ẹ tó tẹ OK.

Ògiri tí kò mọ ibi tí orí rẹ̀ kàn

Nígbà tí ẹ bá tẹ Wall, ẹ wo ibi tí a kọ Height sí lókè. Lọ́pọ̀ ìgbà, Unconnected ló máa wà níbẹ̀, pẹ̀lú iye bíi 8000. Ògiri bẹ́ẹ̀ á la dẹ́kìn kọjá, á yọ lórí òkè, á sì ga ju ibi tí òrùlé fẹ́ jókòó sí lọ. Ẹlòmíràn rí i, ó yí 8000 padà sí 3000, ó rò pé ó ti tán. Lójú, ó tọ́. Ṣùgbọ́n ògiri náà kò so mọ́ ohunkóhun lókè.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe nìyí: fún ògiri ìsàlẹ̀, ẹ fi Base Constraint sí Ìsàlẹ̀, Top Constraint sí Up to level: Òkè, kí ẹ kọ -150 sí Top Offset kí orí ògiri lè dúró sábẹ́ dẹ́kìn. Ògiri òkè á bẹ̀rẹ̀ láti Òkè, á sì parí sí Orí Ògiri láìní Top Offset. Ẹ má fa ògiri kan ṣoṣo láti ìsàlẹ̀ dé òkè pátápátá, nítorí pé bíríkìlà kì í kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, iye búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ àti ti òkè kò sì ní ṣe é yà sọ́tọ̀.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ bí onílé bá ní òun fẹ́ kí ìsàlẹ̀ fi kóòsì kan ga sí i. Kóòsì 13 jẹ́ 3250, dẹ́kìn 150, àpapọ̀ 3400. Ẹ yí Òkè padà láti 3150 sí 3400. Gbogbo ògiri tó so mọ́ Òkè á dìde fúnra rẹ̀ dé 3250, dẹ́kìn náà á gòkè pẹ̀lú wọn. Ògiri tó jẹ́ Unconnected á dúró sí 3000, àlàfo 250 á sì là láàárín òun àti dẹ́kìn. Ohun kejì tó burú jù ni pé Orí Ògiri kò kúrò ní 6150, torí pé láti 0 ni a ti ń ka gíga ipele kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan kì í ti èkejì. Yàrá òkè ti dín kù sí 2750, ìyẹn kóòsì 11, láìsí ẹni tó pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara yín gbé e lọ sí 6400.

Láti mọ ògiri tí kò so, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máàsì tẹ ògiri kan, kí ẹ yan Select All Instances, lẹ́yìn náà In Entire Project. Ẹ wo Properties. Bí àyè Top Constraint bá ṣófo tàbí tó bá sọ pé iye inú rẹ̀ yàtọ̀ síra, ó lè jẹ́ pé ògiri ìsàlẹ̀ àti ti òkè ló pọ̀ mọ́ra. Nítorí náà ẹ tún un ṣe ní àwòrán ìsàlẹ̀ nìkan pẹ̀lú Visible in View. Bó bá ṣì yàtọ̀ síra níbẹ̀, ẹ wá èyí tó sá lọ.

Ọ̀rọ̀ kejì nípa ògiri ni Location Line, ìyẹn ìlà tí ògiri dì mú nígbà tí ìnípọn rẹ̀ bá yí padà. Ká ní ẹ fi ògiri 225 lásán bẹ̀rẹ̀, yàrá kan sì jẹ́ 3600 láàárín búlọ́ọ̀kù méjì, Location Line wà ní Finish Face: Exterior. Nígbà tó yá, ẹ paarọ̀ ògiri náà sí èyí tó ní pílásítà 15 níta àti 15 nínú, tó di 255. Ojú ìta kò kúrò níbi tó wà. Búlọ́ọ̀kù á wá sún wọ inú ní 15 lápá kìíní, 15 lápá kejì, 3600 á di 3570. Bíríkìlà sì ń wọn láti búlọ́ọ̀kù sí búlọ́ọ̀kù. Core Face: Exterior ló dára fún irú ilé wa, tí búlọ́ọ̀kù bá wà nínú Core Boundary, tí pílásítà sì wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú Edit Assembly. Pílásítà lè nípọn tàbí kó fẹ́lẹ́. Búlọ́ọ̀kù kò ní sún.

Ilẹ̀ máa ń nípọn sísàlẹ̀

Orí ilẹ̀ ló máa ń bá ipele mu nínú Revit, ìnípọn rẹ̀ á lọ sísàlẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á kọ 150 sí Height Offset From Level kí dẹ́kìn lè "jókòó" lórí ògiri. Orí dẹ́kìn á wá di 3300, abẹ́ rẹ̀ 3150, àlàfo 150 á sì wà lórí ògiri. Ẹ fi í sílẹ̀ ní 0.

Bí ẹ bá ti parí ààlà dẹ́kìn, Revit lè béèrè bóyá kí ògiri tó dé ipele náà so mọ́ abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ti lo -150, ẹ dáhùn No, kí nǹkan méjì má baà máa darí orí ògiri kan náà. Ó ní ààlà tirẹ̀ o: bí ẹnjiníà bá sọ dẹ́kìn di 175, ẹ̀yin lẹ máa yí -150 sí -175.

Ẹ jẹ́ kí etí dẹ́kìn dé ojú ìta búlọ́ọ̀kù, kó má dé ojú pílásítà. Pílásítà ìta á wá dúró sábẹ́ dẹ́kìn, etí kọnkéré á sì hàn nínú àwòrán iwájú ilé. Kí ó lè bò ó, ẹ ṣí Edit Assembly, ẹ jẹ́ kí Preview wà ní section, ẹ tẹ Modify, kí ẹ ṣí àgádágodo orí pílásítà ìta. Lẹ́yìn náà ẹ mú ògiri ìsàlẹ̀, kí ẹ kọ 150 sí Top Extension Distance nínú Properties.

Ilẹ̀ táìsì ni kí ẹ fi ṣe ilẹ̀ mìíràn lọ́tọ̀: símẹ́ǹtì àti táìsì, àpapọ̀ 50, Height Offset From Level 50. Àwọn tó bá dà á pọ̀ mọ́ dẹ́kìn kì í lè ka kọnkéré lọ́tọ̀ fún yàrá tí táìsì rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ rántí pé ilẹ̀kùn ṣì wà lórí kọnkéré. Ẹ fi Sill Height rẹ̀ sí 50, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, táìsì á jẹ 50 nínú gíga rẹ̀.

Ẹbí: ẹ yí ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ yí

Ẹbí ni ohun tí Revit ń pè ní Family, ìyẹn àwọn ohun tó jẹ́ irú kan náà. Ògiri, ilẹ̀ àti ipele jẹ́ ẹbí tó ń gbé inú fáìlì ilé fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má wá fáìlì .rfa ògiri kiri orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ògiri tó dára bá wà nínú iṣẹ́ mìíràn, ẹ ṣí fáìlì méjèèjì, ẹ lọ sí Manage, kí ẹ lo Transfer Project Standards. Ilẹ̀kùn, fèrèsé àti àga ni wọ́n ń wá nínú .rfa.

Ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ó sábà ń kọ́ni lọ́gbọ́n. Gbogbo ilẹ̀kùn jẹ́ 900, ẹ sì fẹ́ kí ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jẹ́ 750. Ẹ mú un, ẹ tẹ Edit Type, ẹ yí Width sí 750, ẹ tẹ OK. Gbogbo ilẹ̀kùn ilé náà ló fún pọ̀, títí kan ti òkè tí ẹ kò rí. Ohun tó wà nínú Edit Type jẹ́ ti gbogbo ẹgbẹ́ náà. Èyí tó wà nínú Properties lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ti ẹyọ kan. Ẹ kọ́kọ́ tẹ Duplicate, ẹ pe orúkọ rẹ̀ ní 750 x 2100, kí ẹ tó fọwọ́ kan Width. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ògiri: ẹni tó yí 225 sí 150 fún ògiri àárín yàrá láìṣe Duplicate ti sọ ògiri ìta náà di 150.

Èyí tó kù ni Model In-Place. Ó rọrùn láti fi mọ ohun tó rí wọ́kuwọ̀ku, ṣùgbọ́n ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi Copy ṣe á di ẹbí tirẹ̀. Òpó mẹ́fà iwájú ilé á di ẹbí mẹ́fà, bí ẹ bá sì fẹ́ yí wọn padà, ẹ ó ṣí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá máa wà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ ṣe é ní .rfa.